Pianó tí kò sunkún, tí kò sì rẹ́rìn-ín: orin wo ló wà nínú ìpolówó yẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìpolówó tíì kan wà tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣàn, ìyá àgbà kan ló jókòó sẹ́bàá fèrèsé tó ń da omi gbígbóná sínú ife. Pianó nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sí i lábẹ́, irú orin àwọn òyìnbó àtijọ́. Ó lọ́ra gan-an. Mo ka ìró ìsàlẹ̀ tó ń dún, 12 ni nínú ìṣẹ́jú àáyá 30 tí ìpolówó náà fi wà. Ohùn òkè kò tètè wọlé, ó tó bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò dà bíi pé ó ń sunkún, kò sì dà bíi pé inú rẹ̀ dùn. Mo gbé fóònù sí i, fóònù kò mọ̀ ọ́n. Orin kí ni, sà?"

Ìdáhùn:

Gymnopédie No. 1 ni. Erik Satie ló kọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ọdún 1888 sì ni ìwé orin náà kọ́kọ́ jáde, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 22. N kò tíì rí ìpolówó tí ẹ ń sọ yìí, àmọ́ ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ ti tó láti fi mú orin náà. Ìwọ̀nba tí kò tíì dá mi lójú tán, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹnu yín bá mi parí rẹ̀. Ẹ óò rí bí ẹ ṣe máa ṣe é bí ẹ bá ń kà á lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, bí orin ṣe rí lára wọn nìkan ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á ní ó ń bani nínú jẹ́, wọ́n á ní ó ń tuni lára, wọ́n á ní ó dà bí ìgbà tí òjò bá ń sẹ̀. Kò burú, àmọ́ orin tó ń tuni lára kò lóǹkà. Ẹ̀yin ka nǹkan, kíkà yẹn sì ni mo kọ́kọ́ dì mú.

Ìró ìsàlẹ̀ 12 nínú ìṣẹ́jú àáyá 30, ìyẹn 24 nínú ìṣẹ́jú kan. Mẹ́tírónómù àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì inú ìṣẹ́jú kan, èyí tó máa ń mi ọrùn lórí pianó àwọn olùkọ́ orin, 40 ló ti bẹ̀rẹ̀, 208 ló sì parí sí. Kò sí 24 lójú rẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ka orin tí iye tó kà kéré tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bíìtì ló kà, orí báà ló kà. Báà ni ìdì bíìtì tí àwọn akọrin ń fi ìlà òòró pààlà rẹ̀ lórí ìwé sólífà. Ìró ìsàlẹ̀ tí ẹ kà yẹn ló ń ṣí báà kọ̀ọ̀kan, àwọn bíìtì yòókù wà láàrin.

Mélòó ni bíìtì inú báà kọ̀ọ̀kan? Ibí yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà, torí pé wọ́n á kàn mú méjì tàbí mẹ́rin láìtẹ́tí sí i. Ẹ tún ìpolówó náà wò. Bí ìró ìsàlẹ̀ bá ti dún, ẹ fi ìka gbá tábìlì. Kọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́ kan, ìyẹn ìró mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, á tẹ̀ lé e ní àárín pianó, ẹ tún gbá a. Àlàfo tó wà láàrin wọn ni kí ẹ fi etí wọ̀n. Láti ìsàlẹ̀ dé àárín, àlàfo kan ni. Láti àárín padà sí ìsàlẹ̀, àlàfo náà á gùn ní ìlọ́po méjì. Dùm, kín, dákẹ́. Dùm, kín, dákẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta ni. Bí àlàfo méjèèjì bá dọ́gba, a jẹ́ pé méjì tàbí mẹ́rin ni, gbogbo ohun tí mo sọ yìí sì ti wó nìyẹn. Ẹ kọ̀wé padà sí mi.

Mẹ́ta lọ́nà 24 jẹ́ 72. Ìwọ̀n ìyára orin náà nìyẹn, bí ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ṣe máa ń lù. Satie kò fi nọ́ńbà kankan sí orí orin yìí. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni `Lent et douloureux`, ìyẹn ni pé kí ó lọ́ra, kí ó sì ní ìrora nínú. Nítorí náà, kálukú ló ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yé e, àwọn kan ń sún mọ́ 60, àwọn kan ń lọ dé bí 80. Àárín àwọn wọ̀nyí ni 72 bọ́ sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbé orin náà ka orí ìpolówó yín, ká wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí bíìtì bá jẹ́ 72 nínú ìṣẹ́jú kan, báà kọ̀ọ̀kan á gba ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀. Nínú Gymnopédie No. 1, ọwọ́ òsì nìkan ló ń tẹ̀ fún báà mẹ́rin àkọ́kọ́, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 10 gbáko. Inú báà karùn-ún ni ohùn òkè ti wọlé, kì í sì í ṣe lórí bíìtì àkọ́kọ́, orí ìkejì ni, bíi pé ó dúró kí ìró ìsàlẹ̀ kọjá ná. Ìyẹn bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 11. Ẹ̀yin ní ó tó bíi mẹ́wàá. Ẹni tí kò mú aago dání kò lè sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn òkè yẹn á gòkè lẹ́ẹ̀kan péré, á rọra sọ̀ kalẹ̀, á padà gòkè díẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá balẹ̀ sórí ìró kan ní ìbẹ̀rẹ̀ báà kẹsàn-án, á sì dúró síbẹ̀ fún odindi báà mẹ́rin. Báà kẹsàn-án ni ìṣẹ́jú àáyá 20. Báà kejìlá parí ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Èyí túmọ̀ sí pé fún ìdá kan nínú mẹ́ta ìpolówó náà, ohùn òkè kò gbé ẹsẹ̀ mọ́, ọwọ́ òsì nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wò ó bóyá kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹni tó ń polówó tíì náà ti la ẹnu. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n gé orin fún ìpolówó ìdajì ìṣẹ́jú, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibòmíràn lọ: Satie ti bá mi gé e sílẹ̀, ó sì ti fi àyè ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Ẹ sọ nǹkan kan tó jọ mí lójú, pé kò sunkún, kò sì dunnú. Ìdí rẹ̀ wà nínú ọwọ́ òsì, ẹni tó bá sì ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì á tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí "À-mín" tí a fi ń parí hímù. Nínú sólífà, báàsì máa ń wà lórí f, á wá bọ́ sórí d, orin á sì parí. Ohun tí Satie ń tẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́, f sí d, f sí d, látìbẹ̀rẹ̀. Ó dà bí Àmín tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, tí kò sì sẹ́ni tó pa ìwé hímù dé.

Kí ló dé tí kò fi parí? Torí pé ó fi ìró kan kún kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Lórí f, àwa akọrin á kọ f, l, d. Satie fi m kún un, m sì ni aládùúgbò f tó sún mọ́ ọn jù, kò sí ohun tó wà láàrin wọn. Lórí d, àwa á kọ d, m, s. Satie fi t kún un, òun náà ló fara ti d jù lọ. Nínú hímù, t kì í jókòó. Bí t bá ti dún, etí á ti máa retí d. Nínú orin yìí, t jókòó síbẹ̀, kò lọ síbì kan. Ìdùnnú wà níbẹ̀, torí kọ́ọ̀dù tó mọ́lẹ̀ ni méjèèjì lábẹ́. Àmọ́ nǹkan kan ń fara gún un díẹ̀, kò jẹ́ kí ìdùnnú náà yọ síta. Bí ẹ bá ní pianó tàbí kíbọ́ọ̀dù nílé, ẹ tẹ f, l, d ná, kí ẹ tó fi m tòkè kún un. Ẹ óò gbọ́ bí yàrá ṣe yí padà.

Àwọn orin pianó míràn wà tó lọ́ra, tí àwọn apolówó fẹ́ràn, tí ènìyàn sì lè fi pe èyí. Ohun tó ń dún lábẹ́ ohùn òkè ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Abala kìíní Moonlight Sonata ti Beethoven, ti ọdún 1801, ní ìró kéékèèké mẹ́ta mẹ́ta tó ń yí láìdúró láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí "dákẹ́" nínú rẹ̀ rárá. Prelude Op. 28 No. 4 ti Chopin, kọ́ọ̀dù kan náà ni ọwọ́ òsì ń tẹ̀ lé ara wọn kíkí, tó ń fi díẹ̀díẹ̀ wọlẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á mọ̀ pé ẹkún ni. Clair de lune ti Debussy kò ní ìró ìsàlẹ̀ kankan ní ìbẹ̀rẹ̀, òkè ló ti ń bọ̀. Gnossienne No. 1, Satie kan náà ló kọ ọ́, òun ló sì jọ èyí jù nínú gbogbo wọn, torí pé òun náà ní ìró ìsàlẹ̀ tí kọ́ọ̀dù tẹ̀ lé. Àmọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni kíkà rẹ̀, ohùn òkè sì máa ń fi ìró wẹ́wẹ́ kan já wọlé bíi pé ó ń fà. Nínú tiyín, mẹ́ta ni kíkà, ohùn òkè sì ń rìn tààrà.

Ibi tó yẹ kí n dúró sí díẹ̀ ni àwọn ìbejì rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èmi gan-an ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rí. Mẹ́ta ni Gymnopédie, ọ̀nà kan náà ni Satie gbà kọ wọ́n. Gbogbo wọn ló lọ́ra, gbogbo wọn ló ń ka mẹ́ta, gbogbo wọn ni ọwọ́ òsì ti ń ṣe dùm, kín, dákẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, orin tí wọ́n fi polówó ilé ni. Bí mo ti gbọ́ ọwọ́ òsì fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni mo ti dá a lóhùn pé No. 1 ni. No. 3 ni. Ó ra ìwé No. 1, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀ láti tẹ̀ níbi ayẹyẹ kan, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ òsì nìkan kò tó fún mi mọ́, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orin fi ṣe ilé. No. 1 fi d ṣe ilé. No. 3 fi l ṣe ilé, ohùn rẹ̀ sì wúwo ju ti No. 1 lọ, `Lent et grave` ni Satie kọ sórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé tiyín kò sunkún, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n mú No. 1.

Nǹkan kan tún wà tó ń da nọ́ńbà wọn rú. Debussy, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Satie, mú méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ wọ́n fún ọ̀kẹ́sírà, pẹ̀lú háàpù, fèrè, aro tí wọ́n ń fọwọ́ jẹ́jẹ́ lù, àti àwọn ohun èlò olókùn. Wọ́n kọ́kọ́ ṣeré rẹ̀ ní Párísì ní ọdún 1897. Debussy fi No. 3 ṣe àkọ́kọ́, ó fi No. 1 ṣe ìkejì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ti ọ̀kẹ́sírà lórí ayélujára tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá ohun tí ẹ ń gbọ́ mu, ẹ má rò pé etí yín ló ṣì í.

Ní ti fóònù tí kò mọ̀ ọ́n, kò yani lẹ́nu. Kì í ṣe orin ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ ń dá mọ̀, àwo ni. Gbígbà kan pàtó tí ẹnì kan tẹ̀ ní ọjọ́ kan ló wà nínú àkójọ wọn, wọ́n á sì fi èyí tí ẹ gbé sí i wé e. Bí ẹlòmíràn bá tẹ orin kan náà, tó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ohun ọ̀tọ̀ nìyẹn lójú fóònù. Satie kú ní ọdún 1925, ó ti kọjá 70 ọdún tí òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ń dáàbò bo orin lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti san owó orin náà fúnra rẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwo tí olórin kan ṣe ní olówó rẹ̀. Ohun tí àwọn apolówó ń ṣe ni pé wọ́n á pe ẹnì kan, wọ́n á ní kó jókòó tẹ báà 12 fún àwọn nìkan. Ohun tí kò sí lórí àwo kankan, kò sí bí fóònù ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ẹ tún fi ohùn omi tó ń dà sínú ife kún un.

Ó wá ku ìdánwò tí mo sọ pé ẹ̀yin lẹ máa ṣe. Sólífà ohùn òkè rèé, láti báà karùn-ún sí ìkẹsàn-án:

```
|    :m  :s  | f  :m  :t, | l, :t, :d  | s, :-  :-  | m, :-  :-  |
```

Ẹ má wá kíì kankan kiri. Lórí ìwé Satie, D ni d, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ìpolówó lè gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀, sólífà kò sì yí padà torí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ lẹ́nu láìsí ìpolówó títí á fi dán lẹ́nu yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ìpolówó náà, kí ẹ bá a kọ ọ́ láti ìgbà tí ohùn òkè bá wọlé. Bí ẹ bá jọ rìn dé m ìsàlẹ̀ tí ẹ kò kọlu ara yín níbì kankan, òun ni, kò sí àní-àní mọ́.

Ẹni tí kò mọ sólífà lè lo lílọ òkè àti lílọ ìsàlẹ̀ nìkan. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Denys Parsons ló fi ọ̀nà yìí to ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin sínú ìwé ní ọdún 1975. Ìró àkọ́kọ́ á gba ìràwọ̀, lẹ́yìn náà U bí ó bá gòkè, D bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, R bí ó bá dúró síbi tó wà. Tiyín nìyí:

```
*UDDDDUUDD
```

Ojúlé Musipedia lórí ayélujára ń gba lẹ́tà wọ̀nyí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò bèèrè bí orin ṣe yára tó tàbí ohun èlò tí wọ́n fi kọ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé lẹ́tà márùn-ún tàbí mẹ́fà kò tó nǹkan kan, orin tó pọ̀ ló máa jáde. Ẹ kọ ó kéré tán mẹ́sàn-án bí èyí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè da ìdáhùn mi nù. Ọwọ́ òsì Satie rọrùn láti fara wé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń ní kí wọ́n kọ orin tuntun tó jọ ọ́ fún àwọn. Irú rẹ̀ á ní dùm, kín, dákẹ́, á ní báàsì tó ń lọ láti f sí d, á sì mú ara rọ̀ ẹni bákan náà. Ohùn òkè ni kò ní bára mu: bí ẹ bá kọ m, s, tí pianó gba ibòmíràn lọ, àfarawé ni, orúkọ rẹ̀ sì lè má sí níbì kankan àyàfi lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé báà mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń yí láìsí ohùn òkè rárá, èmi náà kò ní lè búra. Ṣùgbọ́n tiyín ní ohùn òkè, ó sì wọlé ní àsìkò tó yẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ ìwé orin náà, ẹ lọ sí imslp.org, ẹ tẹ `Satie Gymnopédies`, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ ni, ẹ wo gígùn tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Báà 78 ni orin náà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tí ẹ kà nínú ìpolówó yẹn, á gba nǹkan bíi 3:15. Reinbert de Leeuw, atẹpianó ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fa orin Satie ju ọ̀pọ̀ wọn lọ, tirẹ̀ á gùn gan-an, ó sì lè ṣe yín bíi pé orin míràn ni. Ẹ kọ́kọ́ mú èyí tó bá sún mọ́ 3:15, òun ló máa dún létí yín bí ìyá àgbà yẹn ṣe ń da omi tíì.